Kotiníìnì 75: kí ni ìwé àyẹ̀wò yẹn ń sọ nípa tábà tí ara gbà?

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé àyẹ̀wò kan síwájú wa. Ọkùnrin kan tó ti ń mu sìgá bíi 20 lójúmọ́ láti ọdún pípẹ́ ń múra fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní kó dá sìgá dúró pátápátá, nítorí nikotíìnì máa ń fún ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé dáadáa kì í tètè jiná. Ọkùnrin yìí gbọ́. Aago 10 alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló mu èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tó di aago 2 ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ láti wá kotiníìnì, ìyẹn ohun tí nikotíìnì ń dà nínú ara. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún un nìyí: kotiníìnì inú ìtọ̀, 75 ng/mL. Ní iwájú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé pósítífù.

Inú bí i. Ó ní òun ò fẹnu kan sìgá láti ọjọ́ Àìkú. Òótọ́ ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà kò parọ́. Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni pé, ká ní láàbù mìíràn ló gba ìtọ̀ kan náà láti inú ife kan náà, wọ́n lè kọ nẹ́gátífù sí i, kí àwọn náà má sì ṣe àṣìṣe kankan. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé iye ibi tí wọ́n ti ń béèrè fún àyẹ̀wò kotiníìnì ń pọ̀ sí i: ṣáájú iṣẹ́ abẹ, níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé, bóyá pósítífù tàbí nẹ́gátífù, ni ọ̀pọ̀ ń kà, tí wọ́n á sì ti dá ẹjọ́ ẹni. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí í ṣe ọ̀rọ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó yà sí i.

Ẹran ti kọjá, ipasẹ̀ ló kù

Nikotíìnì ni èròjà inú tábà tó ń jẹ́ kí ọkàn ẹni tó ń mu ún máa fà sí i. Kì í pẹ́ nínú ara. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, ìdajì rẹ̀ á ti lọ, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì fi mọ́, ìwọ̀nba bíńtín ló máa kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń fi nikotíìnì fúnra rẹ̀ wá ẹni tó ń mu tábà yóò pàdánù ẹni tó mu ún lálẹ́ àná.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ipasẹ̀ rẹ̀. Bí nikotíìnì bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní CYP2A6 á bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà, nínú ìdá 10 tó bá sì wọlé, bíi 7 sí 8 ló ń di kotiníìnì. (Ẹ wo orúkọ méjèèjì dáadáa: lẹ́tà kan náà ni wọ́n tún tò.) Kotiníìnì kì í kánjú jáde ní tirẹ̀. Ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 16 sí 18 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Nítorí náà, lára ẹni tó ń mu sìgá lójoojúmọ́, tàná kò tíì lọ tán tí tòní fi ń wọlé bá a, iye rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ìdí tí àyẹ̀wò náà fi ṣeé gbára lé nìyẹn. Ẹni tó bá kàn yẹra fún sìgá ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kò ní rí ipasẹ̀ yẹn pa rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọdẹ tó rí ipasẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan kọjá níbẹ̀ ni, kò tíì rí ẹran. Ó lè wo bí ipasẹ̀ ṣe tutù tó kó sì fojú bu ìgbà tí ẹran kọjá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kotiníìnì. Ohun tó ń sọ ni pé nikotíìnì wọ ara yìí láàárín ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Bó ṣe wọlé, òun kọ́ ló máa sọ.

Ìṣirò ọkùnrin wa

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń mu sìgá lójoojúmọ́, kotiníìnì sábà máa ń wà láàárín 100 sí 300 ng/mL, ìyẹn ni pé nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, nánógíráàmù rẹ̀ tó 100 sí 300. Inú ìtọ̀ ni ó ti ń pọ̀ jù, nítorí kíndìnrín ló ń kó o jọ síbẹ̀. A lè fojú bù ú sí bí ìlọ́po 5 ti inú ẹ̀jẹ̀. Ká ní ti ọkùnrin wa jẹ́ 240 nínú ẹ̀jẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ti inú ìtọ̀ rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 1,200.

Láti ìgbà tó ti pa sìgá ìkẹyìn, kò sí tuntun tó ń wọlé mọ́. Ká fi wákàtí 16 ṣe ìwọ̀n. Ní aago 2 ọ̀sán ọjọ́ Ajé, 1,200 ti di 600. Ní aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di 300. Nígbà tó fi máa di aago 10 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà, tó pé wákàtí 48, ó ti di 150. Ní aago 2 ọ̀sán Ọjọ́rú, wákàtí 64 lẹ́yìn sìgá ìkẹyìn, ó di 75. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n fi pè é ní òpùrọ́ ló ń jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ló sọ! Ẹni tó ṣì ń mu sìgá 20 lójúmọ́ kì í ní 75 nínú ìtọ̀, àyàfi tí ìtọ̀ náà bá ti là jù, a ó sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi kọ pósítífù? Ààlà ni. Láàbù kọ̀ọ̀kan ní iye tó fà lé ilẹ̀: ohunkóhun tó bá tó o tàbí tó ju ú lọ, pósítífù, èyí tí kò bá tó o, nẹ́gátífù. Àwọn kan ń lo 50 fún ìtọ̀, àwọn kan ń lo 100, ọ̀pọ̀ àwọn pálí àyẹ̀wò tí wọ́n ń tẹ̀ bọ inú ìtọ̀ sì ń lo 200. Níbi tí ààlà bá ti jẹ́ 50, 75 ti kọjá rẹ̀. Níbi tó bá ti jẹ́ 200, 75 kò sún mọ́ ọn rárá, ọkùnrin wa ì bá sì ti yege láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ara rẹ̀ kò yí padà, ìlà tí wọ́n fà ló yàtọ̀.

Èyí ló ń jẹ́ kí n máa sọ fún ẹni tó bá gbé ìwé irú èyí wá pé kó kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ ààlà sí. Bí wọn ò bá kọ ọ́, kó béèrè. Pósítífù tí kò ní ààlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà téèyàn ní ọmọ kan ga tí kò sì sọ ọdún tí ọmọ náà jẹ́.

Wọn kì í kàn já ààlà sílẹ̀ lójú sánmà. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí wọ́n lè fi ya amusìgá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń fa èéfín ẹlòmíràn sínú. Tí ẹnì kan bá ń gbé pẹ̀lú amusìgá, kotiníìnì yóò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń kéré, kì í sì í wọ́pọ̀ kó ju 10 ng/mL lọ. Ti ẹni tí kò sún mọ́ èéfín rárá kì í tó 1. Ní nǹkan bí ọdún 1987, 14 ng/mL nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn olùwádìí fara mọ́. Nígbà tó yá, òfin tó ní kí wọ́n má mu sìgá níbi iṣẹ́ àti nílé oúnjẹ pọ̀ sí i ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, èéfín tí àwọn tí kò mu sìgá ń fà sínú sì dín kù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2009, fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 3. Ẹ rí i báyìí pé ohun tó jẹ́ nẹ́gátífù lójú ẹni àná lè jẹ́ pósítífù lójú ẹni òní.

Ara ò dọ́gba

Wákàtí 16 tí mo fi ṣe ìṣirò yẹn, ìwọ̀n àárín gbùngbùn ni. CYP2A6 kì í ṣiṣẹ́ bákan náà lára gbogbo wa. Àbùdá tí a bá láyé ló ń pinnu bóyá á yára tàbí á falẹ̀. Lára ẹni tó ń falẹ̀, ó lè gba wákàtí 24 kí ìdajì tó lọ. Ká ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ àti ọkùnrin wa jọ bẹ̀rẹ̀ láti 1,200, tí wọ́n sì jọ pa sìgá ìkẹyìn ní aago kan náà, ní aago 2 ọ̀sán Ọjọ́rú ti ẹni yìí á ṣì lé ní 180. Ààlà 100 á mú un, ọkùnrin wa á sì kọjá. Àwọn méjèèjì ṣe ohun kan náà o. Bí èèyàn bá jókòó sídìí ìwé méjèèjì láì mọ̀ nípa ẹ̀dọ̀, á ní ọ̀kan ń parọ́.

Aboyún ni òdìkejì wọn. Nínú oyún, ara máa ń yára lé nikotíìnì àti kotiníìnì lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 rí i pé ìdajì kotiníìnì ń lọ lára aboyún láàárín nǹkan bí wákàtí 9, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí wákàtí 17 lára àwọn obìnrin kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ. Ẹ fi 9 ṣe ìṣirò tó ṣáájú: ní Ọjọ́rú yẹn, 1,200 kò ní tó 10 mọ́. Aboyún tó bá mu sìgá títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú lè yege ní àárín ọ̀sẹ̀ ní ibi tó pọ̀, kódà ibi tí ààlà wọn le. Nítorí náà nẹ́gátífù aboyún kò ní agbára tó ti ẹlòmíràn, ẹni tó sì ń tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ààlà tí wọ́n ṣe fún gbogbo èèyàn dá a lójú pé gbogbo nǹkan ti dára. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ọmọ tó wà nínú ni ìwé náà ń gbẹnu sọ fún.

Ẹni tó ń mu sìgá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan náà wà níbẹ̀. Bó bá mu méjì ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìwé má rí nǹkan kan, nítorí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ga. Nẹ́gátífù kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan kì í mu tábà. Ó túmọ̀ sí pé ohun tó mu láàárín ọjọ́ díẹ̀ yìí kò tó ohun tí ààlà wọn lè mú.

Ìtọ̀ ni àbí itọ́?

Ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn jìnnà síra. Kotiníìnì inú itọ́ ẹnu kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Ó kàn máa ń fi díẹ̀ jù ú lọ ni. Ti inú ìtọ̀ ni mo ti sọ pé ó ń lọ́po. Nítorí náà 40 nínú itọ́ ẹnu jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé nikotíìnì wọlé láìpẹ́, nígbà tí 40 nínú ìtọ̀ kò ní dé ààlà ọ̀pọ̀ láàbù. Mo ti rí ẹni tó mú nọ́ńbà inú ìtọ̀ rẹ̀ lọ wò lára àtẹ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀jẹ̀, tí àyà rẹ̀ sì já lásán. Ẹ wo ohun tí wọ́n gbà lára yín, kí ẹ tó wo iye.

Ìtọ̀ ní ìṣòro kan tí ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ kò ní: omi. Ẹni tó bá mu omi púpọ̀ ṣáájú àyẹ̀wò, ìtọ̀ rẹ̀ á là, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì fọ́n ká. Ẹni tó ní 240 nínú ìtọ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ di 75 láìjẹ́ pé ó dín sìgá kan kù. Láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wọn kireatiníìnì mọ́ ọn. Èyí ni ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní ìwọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, tí kíndìnrín sì ń dà nù. Bí kireatiníìnì bá kéré, omi ló pọ̀. Tí kò bá tó 20 mg/dL, ọ̀pọ̀ láàbù á kọ ọ́ pé ìtọ̀ náà ti là jù, wọ́n á sì ní kí ẹni náà tún òmíràn mú wá. Bí ìwé bá sọ 75 tí kireatiníìnì rẹ̀ sì wà níbi tó yẹ, a lè gba 75 náà gbọ́. Bí wọn ò bá wọn kireatiníìnì rárá, nọ́ńbà yẹn ṣì ń fì.

Ìlà tó yọ túmọ̀ sí pé kò sí

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó dáadáa. Pálí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi ti àyẹ̀wò oyún. Wọ́n á tẹ ẹnu rẹ̀ bọ inú ìtọ̀, ìtọ̀ náà á sì máa fà gòkè díẹ̀díẹ̀, á máa gbé àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ. Lẹ́tà méjì ló wà lára rẹ̀: C àti T. Ìlà gbọ́dọ̀ yọ níwájú C. Bí kò bá yọ, pálí náà ti bàjẹ́, kí wọ́n jù ú nù. Ìlà iwájú T ni ìdájọ́ wà lórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò oyún ti kọ́ gbogbo ayé pé ìlà méjì ni bẹ́ẹ̀ ni. Lórí pálí kotiníìnì, ìlà méjì ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlà C nìkan, tí iwájú T sì ṣófo, ni pósítífù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ fi àwọn èròjà aláwọ̀ pupa inú pálí wé aláàárù. Aláàárù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba ẹrù kotiníìnì tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbé. Àwọn tó ṣe pálí náà ti lẹ ẹrù kotiníìnì mọ́ ojú ìlà T tẹ́lẹ̀, kò sì ṣeé gbé kúrò níbẹ̀. Bí ìtọ̀ bá ń gbé àwọn aláàárù gòkè tí wọn ò pàdé kotiníìnì lọ́nà, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n á gbé dé T; wọ́n á di ẹrù ibẹ̀ mú, wọ́n á dúró tì í, àwọ̀ wọn á sì kóra jọ di ìlà. Ṣùgbọ́n bí kotiníìnì bá kún inú ìtọ̀, ọwọ́ wọn á ti kún láti ìsàlẹ̀. Wọ́n á kọjá lára T láìdúró, ojú rẹ̀ á sì funfun.

Láti inú èyí, ẹ lè rí ìdí tí ìlà tó ṣá fi jẹ́ nẹ́gátífù. Bí ìlà T bá yọ bó ti wù kó ṣá mọ, a jẹ́ pé àwọn aláàárù tí ọwọ́ wọn ṣófo ṣì tó láti dúró síbẹ̀. Kì í ṣe “pósítífù díẹ̀”. Síbẹ̀, ìlà tó ṣá gan-an ń sọ pé iye inú ìtọ̀ náà lè ti sún mọ́ ààlà. Àkókò tí wọ́n kà á náà ṣe pàtàkì. Ìwé inú páálí rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Wọn kì í gba ohun tí èèyàn kà lẹ́yìn tí pálí ti gbẹ lórí tábìlì fún ìdajì wákàtí.

Pálí yìí kì í fúnni ní nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ni ó lè ṣi nǹkan mìíràn tó jọ kotiníìnì mú. Ara ṣì ń yí kotiníìnì fúnra rẹ̀ padà sí òmíràn tó jọ ọ́ gidi, tí ó sì máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀ amusìgá jù ú lọ. Àwọn aláàárù kan máa ń gbé òun náà. Nítorí náà, bí iṣẹ́ ẹnì kan tàbí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ bá wà lórí èsì náà, pálí nìkan kò tó. Ẹ̀rọ LC-MS/MS ni wọ́n fi ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìwúwo èròjà kọ̀ọ̀kan àti àfọ́kù rẹ̀ ló fi ń dá a mọ̀, kì í fi ọwọ́ bà á lójú òkùnkùn, á sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ta ló mú nikotíìnì wọlé?

Láyé ìgbà kan, ìbéèrè yìí kò le. Bí kotiníìnì bá pọ̀, sìgá, áṣáà tàbí tábà jíjẹ ni. Ní báyìí, ẹni tó ń fa sìgá oníná, ẹni tó ń ki àpò nikotíìnì kékeré sábẹ́ ètè, ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, ẹni tó lẹ báńdéèjì nikotíìnì mọ́ apá kó lè jáwọ́ nínú sìgá, gbogbo wọn ló ń ní kotiníìnì, ó sì lè ga tó ti amusìgá. Láti ibi tí ẹ̀dọ̀ jókòó sí, nikotíìnì ni nikotíìnì.

Ìrora tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó gbọ́ràn, tó fi sìgá sílẹ̀, tó sì ń lo báńdéèjì tí dókítà kọ fún un, ni ìwé á pè ní pósítífù. Kò sí ibi tí àyẹ̀wò kotiníìnì nìkan ti lè gbà á sílẹ̀. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n lè ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì, ìyẹn gáàsì tí ohun tó ń jó máa ń tú jáde. Báńdéèjì kì í jó, nítorí náà kotiníìnì á ga, gáàsì á sì kéré. Àmọ́ gáàsì yẹn kì í pẹ́ lára, wákàtí mélòó kan ni. Sìgá àná lè ti kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohunkóhun nípa áṣáà. Ọ̀nà kejì ni anabasíìnì, èròjà kan tó wà nínú ewé tábà ṣùgbọ́n tí kò sí nínú báńdéèjì àti ṣingọ́ọ̀mù. Bí ó bá wà nínú ìtọ̀ ju nǹkan bí 2 ng/mL lọ, ewé tábà ló ń tọ́ka sí. Lórí sìgá oníná, ọwọ́ rẹ̀ kò mú ṣinṣin, nítorí ara ewé tábà ni wọ́n ti máa ń yọ nikotíìnì inú ọ̀pọ̀ rẹ̀, anabasíìnì díẹ̀ sì lè bá a jáde.

Kí ẹni tó ń lo báńdéèjì tàbí ṣingọ́ọ̀mù sọ ọ́ kí wọ́n tó gba nǹkan lára rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde, ohun kan náà tó bá sọ á dà bí àwáwí.

Kotiníìnì kì í sì í ka igi sìgá. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí 240 túmọ̀ sí sìgá 20, kí 120 sì jẹ́ 10. Bí ẹni tó ń mu 20 bá dín in sí 10, ó sábà máa ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jinlẹ̀, á sì mu ún dé ìdí, tí kotiníìnì rẹ̀ kò fi ní dín sí ìdajì. Tún fi ẹ̀dọ̀ tó yára àti èyí tó falẹ̀ kún un, ẹni tó ń mu 10 lè ní iye tó ju ti ẹni tó ń mu 15 lọ. Ìwé tó bá fi nọ́ńbà kotiníìnì kọ ọ́ pé ẹnì kan ń mu páálí kan lójúmọ́ ti sọ ohun tí kò mọ̀.

Ìtọ̀ ti ọjọ́ Ẹtì

Kí ni ọkùnrin wa lè ṣe, tó dúró pẹ̀lú 75 rẹ̀ lọ́wọ́, tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì ń bọ̀? Ohun tí mo rò pé ó tọ́ kì í ṣe àríyànjiyàn. Kó béèrè nọ́ńbà náà àti ààlà rẹ̀, kó rí i pé wọ́n wọn kireatiníìnì, kó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún gba ìtọ̀ lẹ́yìn wákàtí 48, ní láàbù kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ bóyá ẹnì kan ń bọ̀ láti òkè ni tàbí ńṣe ló dúró síbẹ̀. Nọ́ńbà méjì lè sọ ọ́.

Ní aago 2 ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wákàtí 16 á ti yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti Ọjọ́rú. 75 á di 37 àti ààbọ̀, á di bíi 19, á sì di nǹkan bíi 9. Bí èsì kejì bá jẹ́ 9 tàbí 12, tàbí kódà 19 nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, tí kireatiníìnì méjèèjì sì sún mọ́ra, kò sí ohun tuntun tó wọlé láàárín ọjọ́ méjì yẹn. Bó bá jẹ́ 70, nikotíìnì ṣì ń wọlé láti ibì kan, dókítà sì ní ìdí láti béèrè báńdéèjì, àpò abẹ́ ètè tàbí sìgá oníná tí ọkùnrin náà lè má kà sí sìgá. Bó bá fò sókè sí 600, sìgá ti padà.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sún láti Ọjọ́bọ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyàtọ̀ tó máa bá a, kò sì sẹ́ni tí wọ́n á pè ní òpùrọ́.